Owó Orí Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Kò Tíì Pé

Nínú ìwé ìṣirò ọdún ilé-iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ ńláńlá, gbèsè kan sábà máa ń wà tí kò sí ẹni tó ń sìn ín. Àjọ tó ń gba owó orí kò kọ̀wé pé kí wọ́n wá san án, báńkì kò béèrè rẹ̀, oníbàárà kankan kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ó wà níbẹ̀ láàárín àwọn gbèsè tí sísan wọn ṣì jìnnà, ó sì lè pọ̀ ju owó tí ilé-iṣẹ́ náà yá ní báńkì lọ. Owó orí ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ló máa ń fò ó kọjá bí wọ́n bá ń ka ìwé náà, torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àárín àwọn akáǹtáǹtì ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tó ti ń wá, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pín owó ìjọba jẹ, kó máa rò pé èrè òun lòun ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ wa sí Tẹ̀dé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu kì í wọ́n lágbègbè náà, àwọn tó ń sọ irè oko di ọjà tó ṣeé kó sínú àpò lọ sí Ìbàdàn àti Èkó sì ń pọ̀ sí i ní Òkè-Ògùn. Ní Adó-Àwáyè lápá Ìsẹ́yìn, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ilé-iṣẹ́ Psaltry ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì. Ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ lò níbí kéré sí ìyẹn púpọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ lórí ìwé kí ìṣirò lè yé wa. Gààrí àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ní ìpín, ọjà tó ń tà lọ́dún sì lé ní mílíọ̀nù 100 náírà. Èyí mú kó wà lára àwọn tó ń san ìdá 30 nínú 100 èrè wọn fún ìjọba àpapọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ yìí ra ẹ̀rọ ní mílíọ̀nù 40 náírà: èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ń fún omi rẹ̀ jáde, èyí tó ń yan gààrí, èyí tó ń gbẹ ìyẹ̀fun, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé gbogbo wọn ṣiṣẹ́. Owó náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò fi ṣiṣẹ́. Bí a bá ka mílíọ̀nù 40 sí ìnáwó ọdún 2021 nìkan, yóò dà bíi pé wọ́n pàdánù ńlá lọ́dún yẹn, kí èrè ọdún tó tẹ̀ lé e sì wá wú ju bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyẹn tí akáǹtáǹtì fi ń pín iye ẹ̀rọ sórí iye ọdún tí wọ́n retí pé yóò lò. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà wo bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó, wọ́n wo eruku ọyẹ́ àti oje ẹ̀gẹ́ tó máa ń jẹ irin, wọ́n sì sọ pé ọdún mẹ́jọ ni yóò lò kó tó di àlòkù tí kò wúlò mọ́. Mílíọ̀nù 40 tí a pín sí ọ̀nà mẹ́jọ jẹ́ mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Iye yìí ni wọ́n ń yọ kúrò nínú èrè lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní owó ogbó ẹ̀rọ.

Ìjọba kò gba owó ogbó yìí wọlé. Òfin owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lóde nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ yọ owó ogbó ohun ìní kankan kúrò nínú èrè tí a fẹ́ san owó orí lé lórí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọdún mẹ́jọ tí àwọn ará Tẹ̀dé sọ, èrò ọkàn wọn ni. Ẹlòmíràn tó ra irú ẹ̀rọ kan náà ní Ṣakí lè sọ pé ọdún mẹ́ta péré ni, kí owó orí rẹ̀ lè kéré. Bí ìjọba bá ní kí kálukú máa dá iye ọdún fúnra rẹ̀, owó orí yóò di ohun tí ẹni tó fẹ́ san án ń bù lé ara rẹ̀. Nítorí náà òfin pa èrò oníkálukú tì, ó sì gbé ìwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ tó kan gbogbo èèyàn bákan náà. Ìyọ̀ǹda owó orí ni èyí.

Fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ìwọ̀n náà rí báyìí lábẹ́ òfin ìgbà yẹn. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà, ilé-iṣẹ́ yóò gba ìdá 50 nínú 100 iye tí wọ́n rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyókù ni wọ́n yóò pín sí ọdún mẹ́rin, ìdá 25 nínú 100 ìyókù yẹn fún ọdún kan, ọdún kìíní yẹn sì wà lára mẹ́rin náà. (Fún ẹ̀rọ tó jẹ́ ti oko gan-an, bíi katakátá tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, òfin tún lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 95 ni lọ́dún kìíní.) Fún mílíọ̀nù 40 tiwa, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 20. Mílíọ̀nù 20 tó kù, tí a pín sí mẹ́rin, jẹ́ mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Lọ́dún 2021, ìyọ̀ǹda jẹ́ mílíọ̀nù 25. Lọ́dún 2022, 2023 àti 2024, ó jẹ́ mílíọ̀nù 5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Òfin fi náírà 10 péré sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà títí ọjọ́ tí wọn yóò tà á, kó má baà pòórá nínú ìwé, ṣùgbọ́n a ó gbójú fo náírà 10 yẹn.

Ẹ wá fi ojú méjèèjì wo ọdún 2021. Ká sọ pé èrè ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 40 kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rárá, àti pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ọdún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. (Kò sí ọjà tó ń dúró bẹ́ẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí nǹkan yìí dúró sójú kan, a ó rí ohun tí ẹ̀rọ nìkan ń ṣe.) Nínú ìwé akáǹtáǹtì, mílíọ̀nù 40 yọ owó ogbó mílíọ̀nù 5, ó ku mílíọ̀nù 35. Lójú òfin owó orí, mílíọ̀nù 40 yọ ìyọ̀ǹda mílíọ̀nù 25, ó ku mílíọ̀nù 15, ìdá 30 rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀. Owó tí wọn yóò san fún ìjọba nìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú mílíọ̀nù 35, yóò dà bíi pé èrè tó délé jẹ́ mílíọ̀nù 30 àti ààbọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Àwọn tó ni ìpín jókòó níparí ọdún, wọ́n rí mílíọ̀nù 30 àti ààbọ̀, inú wọn dùn, wọ́n pín púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ọjà kan náà ni wọ́n tà, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda ti di mílíọ̀nù 5. Èrè tí wọ́n ń san owó orí lé lórí ti di mílíọ̀nù 35, owó orí sì di mílíọ̀nù 10 àti ààbọ̀. Ohun tó kù fún wọn jẹ́ mílíọ̀nù 24 àti ààbọ̀. Bó ṣe rí títí dé 2024 nìyẹn. Nígbà tó di 2025, ìyọ̀ǹda tán pátápátá. Mílíọ̀nù 40 gbáko ni ìjọba ń bu owó orí lé, owó orí di mílíọ̀nù 12, ohun tó kù sì jẹ́ mílíọ̀nù 23. Wọ́n á máa bi ara wọn pé kí ló dé tí èrè ń lọ sílẹ̀, wọ́n á sì máa wo manéjà bí ẹni tó ń kó owó. Kò sí ẹni tó kó owó. Ìṣirò ọdún kìíní ni kò pé.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí èsúsú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èsúsú gba owó tabua lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ètò èsúsú tí yóò sọ pé gbogbo owó yẹn ti di tirẹ̀. Dídá oṣù tó kù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyọ̀ǹda ọdún kìíní ni kíkó èsúsú ṣáájú: ilé-iṣẹ́ kó mílíọ̀nù 20 ìyọ̀ǹda ju owó ogbó rẹ̀ lọ, owó orí rẹ̀ sì fi mílíọ̀nù 6 kéré sí bó ṣe yẹ, yóò sì máa dá a padà láti 2025 lọ. Mílíọ̀nù 6 yẹn ni gbèsè tí a ń wá.

Akáǹtáǹtì tó mọṣẹ́ yóò ṣe èyí lọ́dún 2021: yóò kọ mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó orí tí ó yẹ kí wọ́n san báyìí, yóò sì kọ mílíọ̀nù 6 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó orí ọjọ́ iwájú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe ìdá 30 mílíọ̀nù 35 gẹ́lẹ́. Èrè tó kù jẹ́ mílíọ̀nù 24 àti ààbọ̀. Mílíọ̀nù 6 náà kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wọ ìlà gbèsè nínú ìwé tí ń fi ohun ìní àti gbèsè hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní báláǹsì ṣíìtì. Lọ́dún 2022 sí 2024, ìyọ̀ǹda àti owó ogbó dọ́gba ní mílíọ̀nù 5, nítorí náà gbèsè náà dúró sí mílíọ̀nù 6. Láti 2025, owó orí tí wọ́n ń san jẹ́ mílíọ̀nù 12, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀ nínú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lára gbèsè láti 2021. Ohun tí ó kan èrè ọdún náà jẹ́ mílíọ̀nù 10 àti ààbọ̀, bí àtẹ̀yìnwá. Gbèsè náà di 4 àti ààbọ̀ ní ìparí 2025, 3 ní ìparí 2026, 1 àti ààbọ̀ ní ìparí 2027, ó sì tán ní ìparí 2028. Bí ẹ bá ro gbogbo owó orí tí wọ́n san fún ọdún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, mílíọ̀nù 84 ni, ì báà jẹ́ pé wọ́n kọ gbèsè yìí sílẹ̀ tàbí wọn kò kọ ọ́. Ìjọba kò dárí owó kankan jì wọ́n. Àkókò ni ó yàtọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dé ibi mílíọ̀nù 6 yìí, èyí tí mo lò lókè ni ti àtijọ́: kí a fi èrè wé èrè lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìlànà àgbáyé IAS 12 ṣe lọ́dún 1996, ohun ìní ni wọ́n ń wò dípò èrè, ọ̀nà yìí sì ni Nàìjíríà ń tọ̀ láti 2012 tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní ọjà ìpín ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà àgbáyé. Èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún: èló ni ẹ̀rọ yìí kù nínú ìwé ilé-iṣẹ́, èló ló sì kù lójú òfin owó orí? Ní ìparí 2021, ó ku mílíọ̀nù 35 nínú ìwé ilé-iṣẹ́, torí wọ́n ti yọ 5 nínú 40. Lójú òfin owó orí, ó ku mílíọ̀nù 15, torí wọ́n ti gba ìyọ̀ǹda 25. Ìyàtọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 20, ìdá 30 rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 6. Ẹ kò nílò láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún. Àní bí ìwé ọdún àtijọ́ bá sọnù, bí ẹ bá ṣáà mọ iye méjèèjì yìí, ẹ ó mọ gbèsè náà.

Èrò tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn ló sì sọ ìdí tó fi jẹ́ gbèsè lóòótọ́. Nígbà tí a bá kọ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní mílíọ̀nù 35, a ń sọ pé, ó kéré tán, ẹ̀rọ yìí yóò mú mílíọ̀nù 35 wọlé, yálà nípa lílò tàbí nípa títà. Gbogbo owó tó bá wọlé ni ìjọba yóò bu owó orí lé, àfi iye tí ìyọ̀ǹda tó kù bá bò. Ìyọ̀ǹda tó kù kò ju mílíọ̀nù 15 lọ. Mílíọ̀nù 20 yóò wọlé láìní ohun tó bò ó. A kò lè kọ mílíọ̀nù 35 sí apá ohun ìní, ká sì ṣe bíi pé a kò mọ̀ nípa owó orí tó rọ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ jẹ́ ká ta ẹ̀rọ náà. Ká sọ pé ní ìparí 2024 àwọn ará Tẹ̀dé rí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 22. Nínú ìwé tiwọn, ó ti ku mílíọ̀nù 20, nítorí náà èrè orí títà jẹ́ mílíọ̀nù 2 péré. Ṣùgbọ́n lójú òfin owó orí, kò ku nǹkan kan lórí ẹ̀rọ yìí mọ́. Ìjọba ti yọ̀ǹda gbogbo iye rẹ̀, àti báyìí ẹni tó gba ìyọ̀ǹda tún gba mílíọ̀nù 22 lórí ohun kan náà. Nítorí náà mílíọ̀nù 22 gbáko ni òfin yóò dá padà sínú èrè ọdún yẹn, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 6.6. Ẹni tí kò kọ owó orí ọjọ́ iwájú sílẹ̀ yóò ta ẹ̀rọ, yóò jèrè mílíọ̀nù 2, yóò sì san mílíọ̀nù 6.6, kó wá máa wá ibi tí òun ti ṣì í. Ẹni tó ti kọ mílíọ̀nù 6 sílẹ̀ láti 2021 yóò rí i pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náírà péré ni ó kan èrè ọdún yẹn, èyí tí í ṣe ìdá 30 mílíọ̀nù 2 tó jẹ èrè rẹ̀.

Ìwọ̀n owó orí tí a fi ń ṣírò gbèsè yìí ni apá tó nílò ìṣọ́ra jù lọ lásìkò yìí. Ìlànà sọ pé kí a lo ìwọ̀n tí yóò wà lóde nígbà tí ìyàtọ̀ náà bá ń yí padà, bí òfin rẹ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Láti 2020 títí dé ìparí 2025, ìwọ̀n pín sí mẹ́ta ní Nàìjíríà: ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 25 lọ lọ́dún kò san nǹkan kan, èyí tó wà láàárín mílíọ̀nù 25 sí 100 ń san ìdá 20, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 100 ń san ìdá 30. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Òfin náà pa ipò àárín rẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré kò san, àwọn yòókù ń san ìdá 30.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ra irú ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n tó wà ní ipò àárín. Ní ìparí 2025, ìyàtọ̀ tó kù lórí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 15. Ìdá 20 ló ti ń fi ṣírò, gbèsè rẹ̀ sì yẹ kó jẹ́ mílíọ̀nù 3. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú mílíọ̀nù 15 yẹn tí yóò yí padà ṣáájú 2026, òfin tuntun sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí 2025 tó parí. Bí òfin tuntun kò bá kà á sí kékeré, ó ní láti gbé gbèsè náà sí mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ nínú ìwé ọdún 2025 gan-an, kó sì jẹ́ kí mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀ tó lé kan èrè ọdún yẹn. Bó bá kà á sí kékeré tí yóò sì máa wà bẹ́ẹ̀, gbèsè náà yóò pòórá, mílíọ̀nù 3 yóò sì padà sínú èrè. Ẹni tó bá dúró di 2026 kó tó ṣe àtúnṣe yìí ti pẹ́ ọdún kan.

Òfin kan náà ló pa ìyọ̀ǹda ìdajì ọdún kìíní rẹ́. Dípò rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n ń yọ̀ǹda lọ́dọọdún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí kò pa owó orí ọjọ́ iwájú rẹ́, ṣùgbọ́n ó yí bó ṣe ń rí padà. Ká fi ìdá 20 lọ́dún ṣe ìṣirò lórí ẹ̀rọ mílíọ̀nù 40 tuntun: ìyọ̀ǹda jẹ́ mílíọ̀nù 8, owó ogbó ṣì jẹ́ 5, ìyàtọ̀ sì ń pọ̀ ní mílíọ̀nù 3 lọ́dún. Gbèsè tó ti máa ń dé mílíọ̀nù 6 lọ́dún kìíní yóò bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900, yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ tó fi máa sún mọ́ mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ ní ọdún karùn-ún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé gbèsè yìí kì í tán láéláé, torí náà kí la fẹ́ kọ ọ́ sí? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ wa bá ń ra ẹ̀rọ tuntun lọ́dọọdún, ìyọ̀ǹda tuntun yóò máa dí àyè ti àtijọ́, gbèsè inú báláǹsì ṣíìtì yóò sì dúró tàbí kó máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbèsè ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń tán ní tirẹ̀. Òmíràn ló ń rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwo èlùbọ́ ọlọ́jà tí kì í ṣófo nítorí pé ó ń ra tuntun bó ṣe ń tà. Lọ́dún tí ọjà bá dẹ̀rọ̀ tí wọn kò sì ra ẹ̀rọ, gbogbo ti àtijọ́ yóò dé pọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọdún tí owó ṣọ̀wọ́n jù. Ohun kan tó tọ́ láti fi dá wọn lóhùn ni pé ìlànà kò gbà kí a dín gbèsè yìí kù torí pé sísan rẹ̀ jìnnà. Mílíọ̀nù 6 tí yóò di sísan láàárín ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni a kọ ní mílíọ̀nù 6 lónìí. Ní orílẹ̀-èdè tí owó ń já lulẹ̀ bíi tiwa, iye yẹn ga ju ohun tó tó ní gidi lọ. Ẹni tó ń fi báláǹsì ṣíìtì díwọ̀n ilé-iṣẹ́ kan láti rà á gbọ́dọ̀ rántí ìyẹn.

Ó ku ibi tí ìṣirò yìí ti máa ń bàjẹ́ jù nílé-iṣẹ́ kékeré ìgbèríko, kì í sì í ṣe nínú ìsọdipúpọ̀. Ìyọ̀ǹda kò tọ́ sí ẹ̀rọ tí kò ní ìwé. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ Tẹ̀dé, ohun ìní tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn olùbẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ kí àjọ owó orí tó gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ irin tí kò fún un ní rìsíìtì, tí kò sì wá ìwé ẹ̀rí yẹn, lè rí i pé àjọ náà fagi lé gbogbo mílíọ̀nù 25 ọdún kìíní. Ìyẹn túmọ̀ sí pé iye ẹ̀rọ náà lójú òfin owó orí jẹ́ òdo láti ọjọ́ kìíní, owó ogbó rẹ̀ kò sì ní rí ohun tó bò ó láéláé. Ìyàtọ̀ yẹn ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà, ìlànà kò sì gbà ká kọ owó orí ọjọ́ iwájú lé irú rẹ̀ lórí. Owó orí tó pọ̀ sí i ni wọ́n máa san lọ́dún kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà bá fi ṣiṣẹ́. Bákan náà ni owó ìtanràn tí ìjọba bá bu lé ilé-iṣẹ́: òfin kò ní gbà á lónìí, kò sì ní gbà á lọ́la.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa, ẹ mú ìwé ìṣirò ọdún, ẹ pín gbogbo owó orí tó kan èrè sí èrè tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí. Fún ilé-iṣẹ́ Tẹ̀dé lọ́dún 2021, 10 àti ààbọ̀ nínú 35 jẹ́ ìdá 30 gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí ìdá 13, tó jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ nínú 35, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ṣe ìwé náà kọ owó tí wọ́n san nìkan sílẹ̀. Àwọn ìdí mìíràn lè wà, bíi àkókò tí ìjọba dá ilé-iṣẹ́ tuntun sí láìgba owó orí, ṣùgbọ́n irú ìdí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àlàyé tó tẹ̀ lé ìwé náà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ akáǹtáǹtì fún ìwé kékeré kan: orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, iye tó kù nínú ìwé ilé-iṣẹ́, iye tó kù lójú òfin owó orí, ìyàtọ̀ wọn, àti ọdún tí ìyàtọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kí àwọn tó ni ìpín ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn kí wọ́n tó fẹnu kò lórí iye tí wọ́n fẹ́ pín.